Ìyípadà wákàtí dẹ́símà sí wákàtí àti ìṣẹ́jú

Ìyípadà wákàtí dẹ́símà sí wákàtí àti ìṣẹ́jú ni ìṣirò tí a fi ń sọ àkókò iṣẹ́ tí a kọ ní nọ́ḿbà onídẹ́símà, bíi 7.75, di àkókò gẹ́gẹ́ bí aago ti ń kà á, bíi wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 45. Ìṣirò kan náà ni a tún ń lò láti ṣe òdìkejì rẹ̀. Orí ìwé àkọsílẹ̀ wákàtí iṣẹ́ ni ó ti wọ́pọ̀ jù, pàápàá ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń gba owó ní wákàtí-wákàtí. Aago tí òṣìṣẹ́ fi ń wọlé sẹ́nu iṣẹ́ máa ń ka ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣírò owó nílò nọ́ḿbà kan ṣoṣo tí ó lè fi owó wákàtí kan sọ di púpọ̀. Nítorí náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ yí ọ̀kan padà sí èkejì kí owó tó jáde.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí a ka nọ́ḿbà tó wà lẹ́yìn àmì dẹ́símà bí ẹni pé ìṣẹ́jú ni. 7.30 kì í ṣe wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 30. Wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 18 ni. Bákan náà, wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 30 kì í ṣe 7.30, 7.5 ni.

## Ìdí tí ọ̀nà ìkọsílẹ̀ méjì fi wà

Wákàtí kan pé ìṣẹ́jú 60, nítorí pé ọ̀nà ìkàyè onígba-ọgọ́ta ti àwọn ará Bábílónì àtijọ́ ni pípín wákàtí ti ṣẹ̀ wá. Anfààní 60 ni pé ọ̀pọ̀ nọ́ḿbà ló lè pín in láìṣẹ́kù: ìdajì rẹ̀ jẹ́ 30, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 20, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ 15. Owó àti ẹ̀rọ ìṣirò kò tẹ̀lé ọ̀nà yìí. Mẹ́wàá àti ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń lò, bí sẹ́ǹtì 100 ti pé dọ́là kan. Ìjọba ìyípadà ilẹ̀ Fránsì gbìyànjú ní ọdún 1793 láti sọ ọjọ́ kan di wákàtí 10, kí wákàtí kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìṣẹ́jú 100, ṣùgbọ́n ní ọdún 1795 wọ́n dá lílo dandan rẹ̀ dúró. Láti ìgbà náà, ìṣẹ́jú 60 ṣì ni aago ń kà, àwọn oníṣirò owó sì ń yí i padà fúnra wọn.

Àmì tí a fi ya nọ́ḿbà méjèèjì ni ó ń sọ irú àkọsílẹ̀ tí a ń kà. Bí àmì olójú-méjì bá wà láàárín wọn, bíi 7:45, ìṣẹ́jú ni ohun tó tẹ̀lé e, kò sì lè ju 59 lọ. Bí àmì dẹ́símà bá wà láàárín wọn, bíi 7.75, ìdá wákàtí ni ohun tó tẹ̀lé e. 7.75 túmọ̀ sí odidi wákàtí 7 àti ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí.

Ọ̀rọ̀ ẹnu Yorùbá fi òye yìí hàn kedere. Ẹni tó bá sọ pé òun ṣiṣẹ́ fún wákàtí méje àtààbọ̀ ti sọ wákàtí dẹ́símà tán, nítorí ààbọ̀ wákàtí ni 0.5. Ẹni tó bá sì sọ pé wákàtí mẹ́jọ ó dín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni òun fi ṣiṣẹ́ ti fúnni ní ìyọkúrò tó rọrùn: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin wákàtí, 8 tí a yọ 0.25 kúrò nínú rẹ̀ sì jẹ́ 7.75.

## Láti ìṣẹ́jú sí dẹ́símà

Odidi wákàtí kì í yí padà. Ìṣẹ́jú nìkan ni a ń fi 60 pín, lẹ́yìn náà ni a ó fi èsì rẹ̀ kún odidi wákàtí náà. Fún wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 15, 15 ÷ 60 jẹ́ 0.25, nítorí náà àkókò náà jẹ́ 8.25. Fún wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 40, 40 ÷ 60 jẹ́ 0.6666…, tí a sábà máa ń kọ ní 0.67, àkókò náà sì di 8.67.

Àpẹẹrẹ méjèèjì yìí yàtọ̀ síra. Bí a bá lè fi 3 pín iye ìṣẹ́jú láìṣẹ́kù, dẹ́símà rẹ̀ yóò parí lẹ́yìn nọ́ḿbà méjì ó pẹ́ jù, nítorí ìṣẹ́jú 3 gan-an jẹ́ 0.05 wákàtí. Bí a kò bá lè fi 3 pín in láìṣẹ́kù, dẹ́símà náà kò ní parí láé, a ó sì ní láti gé e níbì kan. Ìṣẹ́jú 18 jẹ́ 0.3 gan-an, ìṣẹ́jú 20 jẹ́ 0.3333… tí kò lópin.

Àwọn iye tí a sábà máa ń bá pàdé nìyí:

| Ìṣẹ́jú | Dẹ́símà |
|---|---|
| 5 | 0.08 |
| 6 | 0.10 |
| 10 | 0.17 |
| 12 | 0.20 |
| 15 | 0.25 |
| 20 | 0.33 |
| 30 | 0.50 |
| 40 | 0.67 |
| 45 | 0.75 |
| 50 | 0.83 |

## Láti dẹ́símà sí ìṣẹ́jú

Níbí, ìdá tó wà lẹ́yìn àmì dẹ́símà ni a ó fi 60 sọ di púpọ̀. Fún 41.2, odidi wákàtí jẹ́ 41. Ìdá tó kù jẹ́ 0.2, 0.2 × 60 sì jẹ́ 12. Nítorí náà, 41.2 jẹ́ wákàtí 41 àti ìṣẹ́jú 12.

Nígbà mìíràn, èsì kì í jẹ́ odidi ìṣẹ́jú. Fún 8.37, 0.37 × 60 jẹ́ 22.2. A ó mú odidi tó súnmọ́ ọn jù, èyíinì ni 22. Ohun tó fa 0.2 tó lé yìí ni pé ìṣẹ́jú 22 jẹ́ 0.3666…, wọ́n sì ti sún un sí 0.37 nígbà tí wọ́n kọ ọ́.

Nọ́ḿbà méjì lẹ́yìn àmì dẹ́símà tó láti dá odidi ìṣẹ́jú padà láìṣìnà. Àlàfo tó pọ̀ jù tí sísún sí nọ́ḿbà méjì lè fà ni 0.005 wákàtí, tí ó jẹ́ ìdá 3 nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn kò tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú, nítorí náà odidi tó súnmọ́ ọn jù yóò jẹ́ ìṣẹ́jú tí òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́ gan-an. Nọ́ḿbà kan ṣoṣo lẹ́yìn àmì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. 8.4 lè wá láti inú wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 22, ó sì lè wá láti inú wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 26, kò sì sí ìṣirò tó lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sún wọn.

## Àpẹẹrẹ: ìwé wákàtí ọ̀sẹ̀ kan

Kí a gbà pé òṣìṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ń gba 20 dọ́là ní wákàtí kan, ó sì ń lo ìṣẹ́jú 30 lójoojúmọ́ fún oúnjẹ láìgba owó fún un. Òfin àpapọ̀ orílẹ̀-èdè náà lórí owó iṣẹ́ àti wákàtí iṣẹ́, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1938, ló ń darí àfikún owó. Òṣìṣẹ́ tí òfin náà kàn gbọ́dọ̀ gba ìlọ́po kan àtààbọ̀ owó rẹ̀ fún wákàtí tó bá lé ní 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Fún òṣìṣẹ́ yìí, ìyẹn jẹ́ 30 dọ́là fún wákàtí àfikún kọ̀ọ̀kan.

| Ọjọ́ | Ìwọlé | Ìjáde | Àkókò iṣẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ | Dẹ́símà |
|---|---|---|---|---|
| Ajé | 8:02 | 16:47 | 8:15 | 8.25 |
| Ìṣẹ́gun | 7:55 | 16:30 | 8:05 | 8.08 |
| Ọjọ́rú | 8:00 | 17:10 | 8:40 | 8.67 |
| Ọjọ́bọ̀ | 8:05 | 16:25 | 7:50 | 7.83 |
| Ẹtì | 7:58 | 16:50 | 8:22 | 8.37 |

Bí a bá ń yọ àkókò ìwọlé kúrò nínú ti ìjáde, tí ìṣẹ́jú òkè kò sì tó ìṣẹ́jú ìsàlẹ̀, a ó yá wákàtí kan, a ó sì sọ ọ́ di ìṣẹ́jú 60, kì í ṣe 100. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 kò ṣe é yọ 55 kúrò nínú rẹ̀. A ó ka 16:30 sí wákàtí 15 àti ìṣẹ́jú 90. Bí a bá yọ 7:55 kúrò nínú rẹ̀, yóò ku wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 35. Bí a bá tún yọ ìṣẹ́jú 30 ti oúnjẹ, yóò ku 8:05.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà rí àròpọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, ó sì yẹ kí méjèèjì bá ara wọn mu. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí a ro wákàtí lọ́tọ̀, kí a sì ro ìṣẹ́jú lọ́tọ̀. Wákàtí jẹ́ 39, ìṣẹ́jú sì jẹ́ 132. Ìṣẹ́jú 132 jẹ́ wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 12, nítorí náà àpapọ̀ jẹ́ wákàtí 41 àti ìṣẹ́jú 12, tí ó jẹ́ 41.2. Ọ̀nà kejì ni kí a ro òpó dẹ́símà fúnra rẹ̀: 8.25, 8.08, 8.67, 7.83 àti 8.37 jẹ́ 41.20.

Wákàtí 40 àkọ́kọ́ mú 800 dọ́là wá. Wákàtí 1.2 tó lé, ní 30 dọ́là, mú 36 dọ́là wá. Owó ọ̀sẹ̀ náà jẹ́ 836 dọ́là.

## Bí àṣìṣe ṣe ń rí àti bí a ṣe ń dá a mọ̀

Ká ní ẹni tó kọ ìwé náà kàn pa àmì olójú-méjì rẹ́, tó sì fi àmì dẹ́símà rọ́pò rẹ̀. Ìwé náà yóò kà báyìí: 8.15, 8.05, 8.40, 7.50 àti 8.22. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 40.32 dípò 41.2. Àfikún owó yóò jẹ́ dọ́là 9 àti sẹ́ǹtì 60 dípò dọ́là 36, òṣìṣẹ́ náà yóò sì pàdánù dọ́là 26 àti sẹ́ǹtì 40 ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Inú àfikún owó ni gbogbo àdánù náà ti wá, nítorí pé wákàtí 40 àkọ́kọ́ ṣì pé.

Bí àdánù yìí ṣe ń tóbi kò ṣòro láti mọ̀. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan yẹ kó jẹ́ ìdá kan nínú 60 wákàtí, ṣùgbọ́n ìkọsílẹ̀ yìí sọ ọ́ di ìdá kan nínú 100. Ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo ìṣẹ́jú tí a bá kọ bẹ́ẹ̀ ni yóò sọnù. Ní Ọjọ́bọ̀, tí ìṣẹ́jú jẹ́ 50, ìṣẹ́jú 20 ló sọnù. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí ìṣẹ́jú jẹ́ 5, ìṣẹ́jú 2 péré ni. Odidi wákàtí kò pàdánù ohunkóhun. Ìdí nìyẹn tí àṣìṣe náà fi lè pẹ́ kí wọ́n tó rí i, nítorí pé kò sí ọjọ́ kan tí nọ́ḿbà rẹ̀ jọ ohun tí kò ṣeé ṣe.

Òdìkejì àṣìṣe yìí náà wà. Ẹni tó bá ka 8.75 sí wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 75 yóò rí wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 15, nígbà tó jẹ́ pé wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 45 ni àkókò náà. Agbanisíṣẹ́ ni yóò pàdánù nínú irú èyí, ó sì lè béèrè owó náà padà nígbà tó bá rí i.

Àwọn àmì kan wà tí a fi ń dá irú ìwé tí a ń kà mọ̀. Bí nọ́ḿbà kan lẹ́yìn àmì dẹ́símà bá tó 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò lè jẹ́ ìṣẹ́jú. Bí a bá ṣí ìwé ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ wò, tí kò sí èyí tó tó 60 rárá, ó yẹ kí a fura pé ìṣẹ́jú ni wọ́n fi àmì dẹ́símà kọ. Níbi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ka àkókò ní ìdámẹ́rin wákàtí, .00, .25, .50 àti .75 nìkan ló yẹ kó fara hàn, bí.15, .30 tàbí .45 bá wà níbẹ̀, ẹnì kan ti gbàgbé láti pín in. Ẹ̀rí tó dájú jù ni kí a ro àkókò aago ọ̀sẹ̀ náà ní ìṣẹ́jú, kí a fi 60 pín in, kí a sì fi wé àpapọ̀ dẹ́símà. Fún ọjọ́ márùn-ún tí a kọ ní nọ́ḿbà méjì lẹ́yìn àmì, ìyàtọ̀ tí sísún nọ́ḿbà lè fà kò lè ju 0.025 lọ. Ìyàtọ̀ 0.88 tó wà nínú àpẹẹrẹ òkè yìí ti ju ìyẹn lọ fíìfíì.

## Sísún nọ́ḿbà àti òfin

Sísún nọ́ḿbà lójoojúmọ́ tún lè kó ìyàtọ̀ kékeré jọ. Òṣìṣẹ́ tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 20 ní ọjọ́ márùn-ún ti ṣe wákàtí 41 àti ìṣẹ́jú 40, tí ó jẹ́ 41.67. Bí a bá kọ́kọ́ sún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí 8.33, àpapọ̀ yóò jẹ́ 41.65. Ọ̀nà tó dára ni kí a fi ìṣẹ́jú ro gbogbo ọ̀sẹ̀, kí a sì yí i padà sí dẹ́símà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìparí.

Ohun mìíràn ni sísún àkókò aago fúnra rẹ̀. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gba agbanisíṣẹ́ láyè láti sún àkókò ìwọlé àti ìjáde sí ìṣẹ́jú 5 tó súnmọ́ ọn jù, tàbí sí ìdá kan nínú mẹ́wàá wákàtí, tí ó jẹ́ ìṣẹ́jú 6, tàbí sí ìdámẹ́rin wákàtí. Bí ó bá jẹ́ ìdámẹ́rin, ẹni tó wọlé ní 8:07 ni a ó kọ sí 8:00, ẹni tó sì wọlé ní 8:08 ni a ó kọ sí 8:15. Ìlànà náà so àṣẹ yìí mọ́ àdéhùn kan: bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, sísún náà kò gbọ́dọ̀ yọrí sí pé kí òṣìṣẹ́ má gba owó gbogbo àkókò tó fi ṣiṣẹ́. Nítorí náà, agbanisíṣẹ́ tó bá ń sún gbogbo àkókò sí ìhà tó ṣe é láǹfààní nìkan ti kọjá àṣẹ náà.

Ní ọdún 2021, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà pinnu pé àwọn agbanisíṣẹ́ ìpínlẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ sún àkókò oúnjẹ. Ìdí rẹ̀ hàn nínú ìṣirò. Ẹni tó jáde lọ jẹun ní 12:02, tó sì padà ní 12:25, lo ìṣẹ́jú 23. Bí a bá sún àkókò méjèèjì sí ìṣẹ́jú 10 tó súnmọ́ wọn jù, wọn yóò di 12:00 àti 12:30, ìwé yóò sì fi hàn pé ó sinmi fún ìṣẹ́jú 30 tí òfin là sílẹ̀.

## Lórí ìwé ìṣirò kọ̀ǹpútà

Nínú Microsoft Excel àti Google Sheets, ọjọ́ kan ni odidi, wákàtí sì jẹ́ ìdá ọjọ́. Aago 12:00 ọ̀sán jẹ́ 0.5 nínú wọn. Láti gba wákàtí dẹ́símà, a ní láti fi 24 sọ àkókò náà di púpọ̀. Bí ìwọlé bá wà ní B2, tí ìjáde wà ní C2, tí ìṣẹ́jú oúnjẹ sì wà ní D2, ìlànà rẹ̀ nìyí:

```
=MOD(C2-B2,1)*24-D2/60
```

`MOD` ń tọ́jú iṣẹ́ alẹ́ tó kọjá ọ̀gànjọ́ òru. Ẹni tó wọlé ní 22:00, tó sì jáde ní 6:15, ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 15, ṣùgbọ́n láìsí `MOD`, èsì yóò bọ́ sí ìsàlẹ̀ òdo. Àpótí tí èsì wà gbọ́dọ̀ wà ní ìrísí nọ́ḿbà, kì í ṣe ìrísí aago. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, 8.25 yóò fara hàn bí 6:00, nítorí pé kọ̀ǹpútà yóò kà á sí ọjọ́ mẹ́jọ àti ìdámẹ́rin ọjọ́.

Fún òdìkejì, bí dẹ́símà bá wà ní E2, a ó fi 24 pín in:

```
=E2/24
```

A ó sì yan ìrísí `[h]:mm` fún àpótí náà. Àkámọ́ tó yí `h` ká ni ó ń jẹ́ kí wákàtí kọjá 24. Bí a bá lo `h:mm` lásán, àpapọ̀ ọ̀sẹ̀ tó jẹ́ 41.2 yóò fara hàn bí 17:12, nítorí pé kọ̀ǹpútà ti yọ odidi ọjọ́ kan, tí ó jẹ́ wákàtí 24, kúrò lójú. Nọ́ḿbà tó wà nínú àpótí ṣì pé. Ìrísí rẹ̀ ló ṣini lọ́nà. Bí ẹnì kan bá wá da 17:12 yìí kọ sínú ìwé owó, wákàtí 24 ni òṣìṣẹ́ náà yóò pàdánù.